Bí A Ṣe Ń Yọ Fáìlì Kúrò Nínú Dúráìfù Ẹgbẹ́: Ta Ni Kò Ní Lè Ṣí I Mọ́, Ọjọ́ Mélòó Ló sì Ń Lò Nínú Agbọ̀n Ìdọ̀tí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, n kò tíì jókòó tán tí fóònù mi fi dún. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ dákun, fódà ètò iṣẹ́ wa dà? Mo ti wá a títí, n ò rí i." Mo ní kó fara balẹ̀, mo ṣí kọ̀mpútà mi, fódà náà kò sí lóòótọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé èmi gan-an ni mo yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èrò mi ni pé ojú tèmi nìkan ni mo ń tún ṣe, bí ìgbà tí èèyàn bá kó ìwé tí kò lò mọ́ kúrò lórí tábìlì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì kan ṣoṣo ni gbogbo wa jókòó tì nínú dúráìfù ẹgbẹ́. Ohun tí ẹnì kan bá kó kúrò níbẹ̀, gbogbo wa la kó o kúrò fún.

A rí fódà náà gbà padà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó ṣì wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ìlànà kan kí n tó yọ ohunkóhun, òun ni mo sì fẹ́ to sílẹ̀ fún yín níbí. Google Drive ni mo ń sọ, ibi tí wọ́n ń pè ní `Shared drives`. Orúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́ ní 2017 ni `Team Drives`, ní 2019 ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Àwọn kan ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ pè é, nǹkan kan náà ni.

Ta ló ni fáìlì náà?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú `My Drive`, èèyàn kan ló ni fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlòmíràn bá pín fáìlì rẹ̀ fún yín, tí ẹ sì yọ ọ́ kúrò ní iwájú yín, ojú yín nìkan ló kúrò. Fáìlì ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, àwọn yòókù sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nínú dúráìfù ẹgbẹ́, kò sí ẹnì kankan tó dá fáìlì ní. Iléeṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tí òṣìṣẹ́ kan kọ fi máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí òun alára bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun náà ló fà á tí kò fi sí bọ́tìnì tí yóò yọ fáìlì kúrò fún ìwọ nìkan. Bí ẹ bá ti tẹ `Move to trash`, gbogbo ẹgbẹ́ lẹ tẹ̀ ẹ́ fún.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kí fáìlì má ṣe dí yín lójú mọ́, ẹ má yọ ọ́ rárá. Ẹ ṣẹ̀dá fódà kan fún àwọn iṣẹ́ tó ti parí, kí ẹ sì gbé e síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan péré ni kò yẹ kó máa rí i mọ́, ẹni yẹn lẹ máa yọ, kì í ṣe fáìlì. Ó di ìgbà tí kò bá yẹ kí fáìlì náà wà níwájú ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ mọ́ kí ìlànà tó kù nísàlẹ̀ yìí tó kàn yín.

Ẹ wo ipò tí ẹ wà

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló lè yọ fáìlì. Ipò márùn-ún ló wà nínú dúráìfù náà. `Viewer` ń wò ó lásán. `Commenter` lè sọ èrò rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. `Contributor` lè fi fáìlì kún un, ó sì lè tún èyí tó wà níbẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kò lágbára láti sọ ọ́ sí agbọ̀n ìdọ̀tí. `Content manager` ló lè sọ ọ́ síbẹ̀, tó sì lè mú un jáde padà. `Manager` lè ṣe gbogbo èyí, òun nìkan ló sì lè pa fáìlì rẹ́ pátápátá láti inú agbọ̀n ìdọ̀tí náà.

Láti mọ tiyín, ẹ tẹ `Shared drives` ní apá òsì, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ dúráìfù náà, kí ẹ sì yan `Manage members`. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò jáde pẹ̀lú ipò oníkálukú. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé yẹn pamọ́, nítorí a óò tún nílò rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé `Contributor` ni yín, tí `Move to trash` sì ṣú tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, kọ̀mpútà yín kò bàjẹ́. Ẹ kàn sí ẹni tó jẹ́ `Manager`.

Àpẹẹrẹ tí a óò máa bá lọ

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ṣèèṣì gbé ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sínú dúráìfù tí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe kan ń lò. Ìwé oní-tábìlì ni, irú èyí tí a ń fi `Sheets` ṣe. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú dúráìfù náà: `Manager` kan, `Content manager` méjì, `Contributor` mẹ́rin, `Viewer` méjì. Yàtọ̀ sí wọn, ẹnì kan tún ti pín ìwé náà ní tààrà fún ayẹ̀wéwò kan tó wá láti ìta. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ti ṣí línkì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní in lọ́wọ́, nítorí ẹnì kan fẹ́ fi ránṣẹ́ kíákíá lọ́jọ́ kan, kò sì rántí tì í padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn ń gbà wọ inú ìwé yìí, nígbà náà. Ọ̀nà kìíní ni ti ọmọ ẹgbẹ́: ẹni tó bá ti wà nínú dúráìfù ń rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí a pín in fún lórúkọ. Ọ̀nà kẹta ni ti línkì. Aṣìṣe tí mo rí jù lọ ni pé èèyàn á ti ọ̀nà kìíní, á wá rò pé òun ti ti gbogbo ilé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka iye ilẹ̀kùn tó wà

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ìwé náà, ẹ yan `Share`, kí ẹ tún yan `Share` lẹ́ẹ̀kejì. Àpótí kan yóò ṣí. Lábẹ́ `People with access` ni orúkọ àwọn èèyàn wà. Ẹ máa rí àwọn ọmọ dúráìfù, ẹ ó sì rí ayẹ̀wéwò yẹn náà. Lábẹ́ `General access` ni ipò línkì wà. Bí ẹ bá rí `Restricted`, línkì wà ní títì. Bí ẹ bá rí `Anyone with the link`, ilẹ̀kùn ìta wà ní ṣíṣí.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ lórí ìwé tàbí ibòmíràn. Mo mọ̀ pé ó dà bí iṣẹ́ àṣejù, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè lọ́la pé ta ló lè ti rí owó oṣù òun, àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹ óò fi dá a lóhùn. Lẹ́yìn tí fáìlì bá ti parẹ́, kò ní rọrùn fún yín láti wo orúkọ wọ̀nyẹn mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ohun tó so mọ́ ọn

Ìwé oní-tábìlì kì í sábà dá wà. Ó ṣeé ṣe kí ìwé mìíràn máa fa iye inú rẹ̀ nípasẹ̀ `IMPORTRANGE`. Bí a bá ti pa ìwé orísun rẹ́ pátápátá, `#REF!` ni yóò gba ipò iye owó nínú ìwé kejì, ẹni tó sì ni ìwé kejì lè má mọ ibi tí ọfà ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́ọ̀mù tí ìdáhùn rẹ̀ ń wọ inú ìwé yẹn, àti ti àtẹ àwòrán tí a so mọ́ inú ìwé ìgbékalẹ̀.

Google kò ní kìlọ̀ fún yín nípa ìwọ̀nyí kí ẹ tó yọ ọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ sí ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ yọ ìwé báyìí-báyìí kúrò ní ọjọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní ohun tó ń fà láti inú rẹ̀, kó jẹ́ kí n gbọ́." Mo máa ń dúró fún ọjọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí bíi ti owó oṣù yìí, n kì í dúró. Mo ti ilẹ̀kùn ná, kí n tó máa béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbé e sí ibi tó yẹ, bí ẹ bá ṣì nílò rẹ̀

Ìwé owó oṣù kò gbọdọ̀ sọnù, ibi tó wà ni kò dára. Ọ̀nà méjì ló wà láti fi í pamọ́, wọn kò sì rí bákan náà.

Ọ̀nà kan ni láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú `Make a copy`. Ẹ̀dà náà jẹ́ ìwé tuntun tó ní línkì tirẹ̀. Kò ní gbé ìtàn àtúnṣe ti àtijọ́ dání, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹni tó yí kiní kan padà àti ọjọ́ tó yí i. Ọ̀nà kejì ni kí `Manager` fi `Move` gbé ìwé náà gan-an jáde lọ sí dúráìfù mìíràn, bíi ti ẹ̀ka ìṣúná. Nígbà yẹn, línkì rẹ̀ kò yí padà, ìtàn àtúnṣe rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn mẹ́sàn-án tó ń rí i nítorí pé wọ́n wà nínú dúráìfù àkọ́kọ́ kò ní lè rí i mọ́, àfi ẹni tó bá tún wà nínú dúráìfù tuntun náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹni tí a pín in fún lórúkọ ń bá ìwé náà lọ síbi tuntun. Ayẹ̀wéwò wa ṣì lè ṣí i níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ ka ilẹ̀kùn kí ẹ tó gbé nǹkan.

Èmi fẹ́ràn `Move` ju ẹ̀dà lọ fún ohun tó bá ṣe pàtàkì. Bí a bá ṣe ẹ̀dà, ìwé méjì ló wà, a sì tún ní láti sin ọ̀kan. Bí a bá gbé e, ẹyọ kan ló kù, kò sì sí ohunkóhun tí a óò sọ sí agbọ̀n ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń béèrè bí a ṣe ń yọ fáìlì, `Move` gan-an ni wọ́n nílò.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ̀ka ìṣúná ti ní ojúlówó ìwé náà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀dà ni ẹni yẹn gbé sínú dúráìfù wa. Nítorí náà, kò sí ohun tí a ń gbé síbì kan. A fẹ́ kó lọ pátápátá ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó sọ ọ́ nù

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Bí a bá sọ fáìlì sí agbọ̀n ìdọ̀tí, ó kúrò nínú àtòjọ dúráìfù fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àbúrò tó pè mí lọ́jọ́ Ajé yẹn kò rí fódà náà rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pín fáìlì fún ní tààrà, tàbí ẹni tó ní línkì lọ́wọ́, lè ṣì ṣí i títí di ọjọ́ tí a bá pa á rẹ́ pátápátá. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú agbọ̀n, ìyẹn lè tó ọjọ́ 30. Fún ìwé owó oṣù, ọjọ́ 30 ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ padà sínú àpótí `Share`. Lábẹ́ `General access`, ẹ yí `Anyone with the link` padà sí `Restricted`. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ayẹ̀wéwò, ẹ yan `Remove access`, kí ẹ sì tẹ `Save`. Ẹ má gbàgbé `Save`. Mo ti rí ẹni tó yí gbogbo rẹ̀ padà tán, tó kàn ti ojú ìwé náà, tí kò sí ohun tó yí padà.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ da línkì ìwé náà kọ, ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú ẹ̀rọ ìwákiri yín. Nínú Chrome lórí Windows, `Ctrl+Shift+N` ni. Ẹ lẹ línkì náà síbẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ímeèlì yín, ilẹ̀kùn ti tì. Bí ìwé náà bá ṣí gbáà, línkì ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ padà lọ wo `General access`.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ sọ ọ́ sí agbọ̀n ìdọ̀tí

Èyí ló kúrú jù. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ ìwé náà, ẹ yan `Move to trash`. Bí kọ̀mpútà bá bi yín léèrè bóyá ó dá yín lójú, ẹ ka ohun tó kọ kí ẹ tó gbà. Kí ẹ sì rí i dájú pé fáìlì lẹ mú, kì í ṣe fódà tó wà nínú rẹ̀: bí ẹ bá sọ fódà nù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn nìyẹn.

Ọ̀nà kan tún wà tí èèyàn fi ń yọ fáìlì láìmọ̀. Àwọn tó fi áàpù Drive sórí kọ̀mpútà máa ń rí dúráìfù ẹgbẹ́ bí ẹni pé fódà lásán ni lórí ẹ̀rọ wọn. Ààyè kọ̀mpútà kún, wọ́n wá ń pa nǹkan rẹ́ láti inú fódà yẹn. Wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ níbẹ̀ ló ń wọ agbọ̀n ìdọ̀tí ẹgbẹ́, fún gbogbo èèyàn. Bí fáìlì púpọ̀ bá ń pòórá ní dúráìfù yín lọ́jọ́ kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́wọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Láti mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ṣí dúráìfù náà, ẹ tẹ àmì `i` tó wà lókè ní apá ọ̀tún, kí ẹ wá yan `Activity`. Ẹ ó rí orúkọ ẹni tó gbé nǹkan, ẹni tó yọ nǹkan, àti àkókò tó ṣe é. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé yẹn.

Kíka ọjọ́

Dúráìfù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní agbọ̀n ìdọ̀tí tirẹ̀. Láti dé ibẹ̀, ẹ ṣí dúráìfù náà, ẹ tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lókè, kí ẹ yan `View trash`.

Fáìlì ń lo ọjọ́ 30 níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, omi ló dànù, agbè ò fọ́. `Content manager` tàbí `Manager` lè fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ó sì yan `Restore`; fáìlì á padà sínú dúráìfù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì tún máa rí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ọjọ́ 30 bá pé, Google á pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Alábòójútó gbogbo iléeṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ń lo `Admin console`, lè mú ohun tí a ti pa rẹ́ padà láàárín ọjọ́ 25 tó tẹ̀ lé e. Nínú `Admin console`, ó máa ń lọ sí `Apps`, sí `Google Workspace`, sí `Drive and Docs`, títí dé `Manage shared drives`, á wá dúráìfù náà, á sì yan ọjọ́ tí ó fẹ́ kó padà. Ẹni tó jẹ́ `Manager` dúráìfù kò lè ṣe èyí. Ìpò alábòójútó iléeṣẹ́ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí ọjọ́ 25 yẹn bá tún kọjá, kò sí bọ́tìnì mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ sí i. Ká ní a sọ ìwé owó oṣù náà sí agbọ̀n ìdọ̀tí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 30 rẹ̀ pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Alábòójútó ní àǹfààní tirẹ̀ títí di nǹkan bí ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 55 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan padà, kí ó má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí ìgbà tí ìwé rẹ́ gan-an lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ sí iye wákàtí tí ẹ ń kà.

Ṣùgbọ́n àwa kò fẹ́ kí ìwé yìí pẹ́ níbẹ̀ rárá. Àwọn `Content manager` méjèèjì ṣì lè mú un jáde. Nítorí náà, `Manager` yóò wọ `View trash`, yóò tẹ ìwé náà, yóò yan `Delete forever`. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta yẹn kan náà ni kó ṣe é. Nígbà náà, ọjọ́ 25 ti alábòójútó á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì parí ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ẹ rí i pé yíyára pa á rẹ́ gé ọjọ́ 30 kúrò nínú àkókò tí a fi lè yí ọkàn padà. Nítorí ìyẹn, ohun àṣírí tàbí ohun tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ nìkan ni mo máa ń lo `Delete forever` fún. Gbogbo ìyókù, mo máa ń jẹ́ kó lo ọjọ́ rẹ̀ pé.

Iléeṣẹ́ tó ń lo Vault tún yàtọ̀. Vault ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń pa ìwé mọ́ nítorí ẹjọ́ tàbí òfin. Bí wọ́n bá ti fi àṣẹ dídá dúró sórí dúráìfù náà, ìwé lè kúrò lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹni tó ní àṣẹ lórí Vault sì ṣì lè wá a rí. Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ìwé ti parẹ́ kúrò láyé láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń lo SharePoint ti Microsoft dípò Google, kíka ọjọ́ ibẹ̀ kò rí bí èyí. Ọjọ́ 93 ni fáìlì ń lò láti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́, agbọ̀n méjì ló sì ń gbà kọjá. Bí a bá yọ ọ́ nínú agbọ̀n àkọ́kọ́, ó ń bọ́ sí ìkejì tó wà lọ́wọ́ alábòójútó ojúlé náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 93 kan náà ló ń bá a lọ. Kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.

Ohun tí agbọ̀n ìdọ̀tí kò lè gbà padà

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn inú àpẹẹrẹ wa. Àwọn mẹ́sàn-án kò rí ìwé náà mọ́ nínú dúráìfù. A ti yọ ayẹ̀wéwò. Línkì ti tì. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti ṣe ńkọ́? Ìyẹn ṣì wà nínú `My Drive` rẹ̀, òun ló sì ni ín. Èyí tí wọ́n gbà sórí kọ̀mpútà wọn ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sínú ímeèlì ti lọ.

Nítorí náà ni `Manager` ẹgbẹ́ náà ṣe gbọ́dọ̀ mú àkọsílẹ̀ tí a ṣe ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ó sì kàn sí àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́, ìwé owó oṣù kan ṣèèṣì wà nínú dúráìfù wa títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tàbí tí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ dákun, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti ṣe é." Ọ̀pọ̀ ń fèsì lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá fèsì, mo máa ń pè é lórí fóònù.

Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ẹ̀dà tàbí tó gbà á sílẹ̀ ní pàtó, alábòójútó lè wo `Drive log events` nínú `Admin console`, níbi tí orúkọ, àkókò àti ohun tí oníkálukú ṣe sí fáìlì wà. Kí ẹ tètè sọ fún un, kí ẹ sì fún un ní orúkọ ìwé náà gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú línkì rẹ̀. Nínú línkì náà, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn `/d/` ni ìdánimọ̀ ìwé. Ìwé mẹ́wàá lè jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n méjì kò lè ní ìdánimọ̀ kan náà. Mo ti sọ ọ́ di àṣà láti da línkì yẹn kọ sínú àkọsílẹ̀ mi kí n tó tẹ `Move to trash`, nítorí lẹ́yìn `Delete forever`, kò sí ibi tí n óò ti rí i dà kọ mọ́.